Ọ̀fun ń dun ọmọ, àárẹ̀ gbé e dè, kókó yọ lọ́rùn rẹ̀: bí ẹ ó ṣe tọ́jú rẹ̀ tí ẹ bá fura sí gilándúlà fífà

Ọjọ́ kẹsàn-án àìsàn náà ni ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Mánṣẹ́sítà pè mí. “Nọ́ọ̀sì, wá wo nǹkan. Ọmọ yìí ti ń sùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀fun ò jẹ́ kó gbé itọ́ mì, ara rẹ̀ sì ti sú láti orí dé ẹsẹ̀. Àbí èéyì ni?” Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọmọ náà, ó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé, “Ògùn wo lẹ fún un?” Ó dákẹ́ díẹ̀. Amọ́sísílìn tó ṣẹ́kù nínú báàgì tí wọ́n gbé bọ̀ láti Èkó ní ọdún tó kọjá ni, ó sì ti ń lò ó láti ọjọ́ kẹta.

Bí mo ṣe gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Àìsàn tí àwọn dókítà ní Bìrìtìkó ń pè ní gilándúlà fífà, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní mónò, ni mo fura sí. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, EBV sì ni orúkọ tí ẹ máa rí lára èsì àyẹ̀wò. Lọ́dọ̀ wa nílé, ọ̀pọ̀ ọmọ ti kó fáírọ́ọ̀sì yìí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, nínú itọ́ ìyá tó ń jẹ oúnjẹ lẹ́nu kó tó fi sí ọmọ lẹ́nu, tàbí nínú ife tí àwọn ọmọ ilé jọ ń lò. Ní ọjọ́ orí yẹn, kì í sábà ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ọmọ tó dàgbà sí ìlú òyìnbó tí kò kó o ní kékeré, tó wá kó o ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí méjìdínlógún, ni ó máa ń dá dùbúlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa kò fi ní orúkọ fún un.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ wò

Kí ẹ tó ronú kan àyẹ̀wò kankan, ẹ wo bó ṣe ń mí àti bó ṣe ń gbé nǹkan mì. Tí èémí rẹ̀ bá ń hun, tí kò lè gbé omi mì rárá, tí itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, tàbí tí kò lè la ẹnu dáadáa, bèlúbèlú ọ̀fun ti lè wú tó bẹ́ẹ̀ tó fẹ́ dí ọ̀nà èémí, tàbí kí ọyún ti gbá jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀fun. Ẹ má dúró de ọjọ́ kejì. Tí ẹ bá wà ní Bìrìtìkó, 999 ni kí ẹ pè tí èémí bá nira. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ikùn bá ń dùn ún gan-an lójijì ní ìhà òsì lókè. Màá ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ìbéèrè kejì ni bóyá ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé. Ibà pẹ̀lú àárẹ̀ lára ẹni tó lọ sílé láàárín ọdún kan jẹ́ ibà ẹ̀fọn títí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yóò fi sọ pé kì í ṣe òun, àyẹ̀wò yẹn sì gbọ́dọ̀ wáyé lọ́jọ́ náà gan-an. Tí kò bá tíì pé ọjọ́ mọ́kànlélógún tó dé, ibà Lásà náà wà nínú ohun tí a ní láti rò, pàápàá tó bá dé láti ìhà Òǹdó tàbí Ẹdó, nítorí ọ̀fun dídùn wà lára àmì rẹ̀. Ẹ pe 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera ní Bìrìtìkó, kí ẹ sọ ibi tó ti dé àti ọjọ́ tó dé, kí ẹ tó gbé e wọ ibi tí èèyàn pọ̀ sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò kúrò ní Mánṣẹ́sítà fún ọdún méjì. Àwọn òbí rẹ̀ ló lọ sílé.

Bí ẹ ó ṣe yẹ ọrùn àti ọ̀fun wò

Ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó, kí ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi ìka mẹ́ta tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ rọra máa yí i ká abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e lọ sẹ́yìn etí, kí ẹ sì máa sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀yìn ọrùn títí dé ìtòsí èjìká. Ẹ̀yìn ọrùn yẹn ni ọgbọ́n wà. Ọ̀fun dídùn tí bakitéríà fà máa ń mú kókó wú níwájú, lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti gilándúlà fífà sábà máa ń wú lẹ́yìn pẹ̀lú, ní ọ̀tún àti ní òsì, bí èso àgbálùmọ̀ kéékèèké tí wọ́n tò sábẹ́ awọ. Wọ́n máa ń dùn téèyàn bá tẹ̀ wọ́n, wọ́n sì máa ń yẹ̀ lábẹ́ ìka.

Ẹ wá fi tọ́ọ̀ṣì wo ọ̀fun. Ẹ lè rí i pé bèlúbèlú méjèèjì tóbi, pé nǹkan funfun bò wọ́n. Ohun funfun yìí nìkan kò tó láti fi dájọ́, nítorí bakitéríà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ jù ni ọjọ́. Ọ̀fun dídùn lásán máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Tí ọjọ́ kẹjọ bá pé, tí ọ̀fun kò rọlẹ̀, tí àárẹ̀ sì ti kọjá ti ẹni tó ní ibà, tó fi jẹ́ pé ọmọ wẹ̀ tán ó tún ní láti padà dùbúlẹ̀, ìfura ti kún. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ìpinnu tó kù, orí ọjọ́ yẹn la ó ti máa kà.

Ẹ má fún un ní amọ́sísílìn

Ògùn apakòkòrò kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Amọ́sísílìn àti ampisílìn tún ní ìwà kan: bí ẹni tó ní gilándúlà fífà bá lò wọ́n, ara rẹ̀ lè sú pupa yányán káàkiri lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ wa nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ ògùn lọ́jọ́ kẹta, ara sú lọ́jọ́ kẹsàn-án. Mo ní kí wọ́n dá ògùn náà dúró, kí wọ́n pe ilé ìwòsàn láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ fún dókítà: orúkọ ògùn, ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ara sú. Ojú ti ẹ̀gbọ́n mi, kò fẹ́ sọ pé òun fún ọmọ ní ògùn àjẹkù. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi pamọ́, wọ́n lè kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé pẹnisílìn kò bá a lára mu títí ayé, nígbà tó jẹ́ pé ara sísú yìí kì í sábà ṣe ti ẹni tí ògùn náà jẹ́ èèwọ̀ ara rẹ̀. Tí ojú tàbí ètè bá wú, tàbí tí èémí bá ń lé e, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, 999 ni.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àti ìgbà tó yẹ

Ọ̀sẹ̀ kejì ló dára jù láti ṣe é. Àyẹ̀wò tó yá, tí wọ́n ń pè ní Monospot, ń wá ohun tí ara fi ń jagun, ara sì nílò àkókò láti pèsè rẹ̀. Bí ẹ bá sáré ṣe é lọ́jọ́ kẹrin, ó lè sọ pé kò sí, kó sì wà níbẹ̀. Wọ́n á tún ka àwọn oríṣi ẹ̀jẹ̀ funfun. Ọmọ wa ṣe tirẹ̀ lọ́jọ́ kọkànlá: ẹ̀jẹ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní límfósáìtì pọ̀, púpọ̀ nínú wọn ní ìrísí àjèjì, Monospot sì fi hàn pé ó wà. Èsì ẹ̀dọ̀ lọ sókè díẹ̀. Ìyẹn wọ́pọ̀, ó sì máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí nìyí tí ọmọ kò fi gbọ́dọ̀ fẹnu kan ọtí ní gbogbo àkókò náà. Àgbo tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ náà, ẹ fi sílẹ̀. Mo mọ̀ pé èyí kò ní tẹ́ àwọn ìyá kan lọ́rùn.

Ìtọ́jú nílé

Kò sí ògùn tó ń lé e lọ. Ìrora la ń dín kù. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sókè lè lo parasitamọ́ọ̀ oníwọ̀n mílígíráàmù 500, ẹyọ kan tàbí méjì, kó fi ó kéré tán wákàtí mẹ́rin sáàárín, kó má kọjá mẹ́jọ láàárín wákàtí 24. Tí kò bá tíì pé ọdún náà, ẹ tẹ̀lé ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Ẹ ka ara páálí ògùn òtútù tó wà nílé pẹ̀lú, nítorí parasitamọ́ọ̀ sábà máa ń wà nínú wọn, ẹ lè ti fún un ní ìlọ́po méjì kí ẹ tó mọ̀. Ẹ má fún ẹni tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún ní asipirínì.

Omi ṣe kókó ju oúnjẹ lọ. Ẹ̀kọ mímu tó ti tutù, omi ọbẹ̀ tí kò ní ata, àìsìkiriìmù, gbogbo ohun tó bá lè gba ọ̀fun kọjá. Tí kò bá tọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n dúdú, omi ara rẹ̀ ti ń gbẹ, ẹ pe 111. Ife àti búrọ́ọ̀ṣì eyín rẹ̀ kí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, torí inú itọ́ ni fáírọ́ọ̀sì náà ń gbé, ó sì lè wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan.

Bọ́ọ̀lù di oṣù tó ń bọ̀

Apá yìí ni mo máa ń tẹnu mọ́ jù. Ẹ̀yà ara kan wà lábẹ́ egungun ìhà òsì tí àwọn àgbà ń pè ní ọlọ inú. Nínú àìsàn yìí, ó máa ń wú, ó sì máa ń rọ̀. Ìgbátí ìgúnpá kan, tàbí gbígbé ohun tó wúwo, lè mú kó ya, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa dà sínú ikùn. Kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó lè pani. Àmì rẹ̀ ni ìrora líle lójijì ní ìhà òsì lókè ikùn, nígbà mìíràn tó ń gún dé èjìká òsì, pẹ̀lú òòyì àti ara tó funfun. Ẹ má máa fọwọ́ tẹ ibẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó wú.

Fún oṣù kan ó kéré tán láti ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀: kò sí bọ́ọ̀lù, kò sí ìjàkadì, kò sí gbígbé irin. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé ọ̀fun ti máa ń jinná ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ á sì máa rò pé òun ti dá. Kóòṣì ọmọ wa pè ní ọjọ́ kejìlélógún pé ìdíje ku ọjọ́ méjì. Bàbá rẹ̀ ló gba fóònù, ó ní kò sí ohun tó jọ ọ́.

Ó lè padà sí ilé ìwé nígbàkigbà tí ara rẹ̀ bá gbé e. Ọmọ wa fi ìdajì ọjọ́ bẹ̀rẹ̀, ó ń sùn lọ́sàn-án, ó tún ń sùn lálẹ́. Ọ̀lẹ kọ́ ni. Àárẹ̀ náà lè pẹ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn tí gbogbo àmì yòókù ti lọ. Tí ìdánwò bá sún mọ́lé, ẹ tètè gba ìwé lọ́wọ́ dókítà fún ilé ìwé.

Tí kókó ọrùn kò bá fà sẹ́yìn lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tó bá le bí òkúta, tàbí tí òmíràn yọ lókè egungun èjìká, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Bákan náà tí ó bá ń rù, tí òógùn òru ń mú aṣọ rẹ̀ tutù, tàbí tí ara ń dápàá láìjẹ́ pé nǹkan gbá a. Àwọn àìsàn ẹ̀jẹ̀ míì lè wọ aṣọ gilándúlà fífà wá.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ọmọ wa padà sórí pápá, lẹ́yìn tí dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ogún ìṣẹ́jú ló gbá, ó sì ti sùn lọ nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó délé.