Àṣìṣe tó wọ́pọ̀: ẹ mọ irú òwò tí ẹ ń ṣe kí ẹ tó ra sítọ́ọ̀kì

Ó ti sú mi. Ẹnì kan á kó owó tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tù jọ lọ bá alágbàtà, á bẹ̀rẹ̀ sí í rà, á máa tà, kò sì tíì mọ èyí tó ń ṣe nínú òwò mẹ́ta. Ọlọ́jọ́ kan kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá sítọ́ọ̀kì lọ́wọ́ òun. Ọlọ́sẹ̀ díẹ̀ á dì í mú fún ọjọ́ mélòó kan, bóyá títí dé oṣù kan. Ọlọ́jọ́ pípẹ́ á rà á, á sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àṣìṣe kìíní: wọn kì í ka iye ìgbà tí wọ́n ń sanwó. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá rà tí ẹ sì tà, owó ń jáde lápò yín. Owó alágbàtà wà ńbẹ̀, àlàfo sì wà láàárín iye tí ọjà ń tà á fún yín àti iye tí yóò rà á padà lọ́wọ́ yín ní ìṣẹ́jú kan náà. Alágbàtà míì á ní òun kì í gba kọmíṣọ̀n, àwọn èèyàn á sì gbà pé ọ̀fẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ àlàfo yẹn ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní owó yín jẹ́ 10,000, rírà àti títà lẹ́ẹ̀kan sì ń gba 1 nínú 1,000, ìyẹn 10. Ó kéré lójú, àbí? Ẹni tó bá ń fi gbogbo owó náà rà tó ń tà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, nínú nǹkan bí ọjọ́ 250 tí ọjà ń ṣí lọ́dún, yóò ti ṣe é nígbà 500. Owó tó ná jẹ́ 5,000, ìdajì ohun tó ní, kí a tó bèèrè bóyá ó mọ ọjà tàbí kò mọ̀ ọ́n. Ọlọ́sẹ̀ díẹ̀ tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lóṣù á san 240. Ọlọ́jọ́ pípẹ́ á san 5 lọ́jọ́ tó rà, 5 yòókù di ọjọ́ tó bá tà.

Àwọn olùwádìí méjì, Brad Barber àti Terrance Odean, yẹ àkáǹtì ìdílé tó lé ní 66,000 wò lọ́dọ̀ alágbàtà kan ní Amẹ́ríkà, láti 1991 sí 1996. Àwọn tó ń rà tó ń tà jù lọ jèrè 11.4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, nígbà tí ọjà fúnra rẹ̀ jèrè 17.9.

Ìkejì: kí èèyàn máa ṣe òwò ọlọ́jọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó oṣù fún un. Ẹ má dán an wò.

Èyí tó tún ń dùn mí ni kí òwò yí orúkọ padà lójú ọ̀nà. Ọkùnrin kan tí mo mọ̀ ra sítọ́ọ̀kì ní 50 láàárọ̀, ó ní tó bá já sí 49.50 òun á tà. Ó já sí 48, kò tà, ó ní òun á mú un dé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ilé-iṣẹ́ náà kéde èrè rẹ̀ lóru, kò dáa, ọjà sì ṣí ní 41. Ìgbà yẹn ló wá ń sọ pé ọlọ́jọ́ pípẹ́ lòun. Owó tó yá lọ́wọ́ alágbàtà ló sì fi rà á, èlé ń gorí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣáàtì oníṣẹ́jú márùn-ún, tó ń fi bí iye ṣe ń yí ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún hàn, ló tìtorí rẹ̀ rà á. Kò fìgbà kan ka ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ náà. Kí ẹ tó rà, ẹ kọ ìdí tí ẹ fi ń rà sílẹ̀, iye tí ẹ máa tà á tó bá já, àti ọjọ́ tí ẹ máa jáde. Tí ìdí náà bá ti kú, ẹ tà.

Ẹ̀yin ọlọ́sẹ̀ díẹ̀, ẹ má gbójú lé àṣẹ “ẹ tà á tó bá já sí 47” nìkan. Tí ọjà bá tì ní 50 tó sì ṣí ní 41, nǹkan bí 41 ni alágbàtà máa bá yín tà á. Ẹni tó ra ẹyọ 66 ní 50, tó rò pé òun ò lè pàdánù ju 198 lọ, á pàdánù 594. Ẹ wo ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ máa kéde èrè, kí ẹ dín iye tó wà lọ́wọ́ yín kù kó tó dé.

Ọkàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ náà kì í fìgbà gbogbo balẹ̀. Láti October 2007 sí March 2009, S&P 500, òṣùwọ̀n iye sítọ́ọ̀kì àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Amẹ́ríkà, já kọjá ìdajì, ó sì di 2013 kó tó padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Owó ilé tàbí owó ilé-ìwé tí ẹ máa nílò lọ́dún méjì sí i, ẹ má kó o síbẹ̀.