Ẹ Yẹ aVR Wò Kí Ẹ Tó Kọ “Ọ̀tún”: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Kíka Ìísíjì

Owó aláìsàn ni bébà ìísíjì, ìyẹn bébà tí ẹ̀rọ ń ya iná ọkàn sí. Ìyá tó wọ mọ́tò láti Ìpetumodù wá sí Ifẹ̀, tàbí láti Ìbòkun wá sí Iléṣà, ti sanwó kí ẹ tó lẹ ohunkóhun mọ́ wọn láyà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì wá ka bébà ọ̀hún ní kíkà tí yóò mú kí wọ́n tún owó mìíràn san. Ó ń bí èèyàn nínú.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí ẹ máa ka bébà láìwo ẹsẹ̀ rẹ̀. 25 mm/s àti 10 mm/mV ló yẹ kí ẹ bá níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 50 mm/s ni ẹ rí, ìṣirò tí ẹ há sórí kò wúlò fún bébà yẹn.

Àṣìṣe kejì ni kí ẹ máa fi 300 wọn ọkàn tí ìlù rẹ̀ kò dọ́gba. Lórí 25 mm/s, 300 àpótí ńlá ló wà nínú ìṣẹ́jú kan, ìdí nìyẹn tí a fi ń pín 300 sí iye àpótí ńlá tó wà láàárín góńgó R méjì. Ṣùgbọ́n ká ní àlàfo kan gba àpótí 2, èyí tó tẹ̀ lé e gba 4, ìkẹta gba 3. Ẹni tó wo ti àkọ́kọ́ á kọ 150, ẹni tó wo ìkejì á kọ 75, ẹni tó wo ìkẹta á kọ 100, bẹ́ẹ̀ bébà kan náà ni gbogbo wọn ń wò. Ẹ lọ sórí ìlà gígùn ìsàlẹ̀, ẹ ka 50 àpótí ńlá, ìṣẹ́jú àáyá 10 nìyẹn. Ẹ ka QRS tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 6. Bí ẹ bá ka 17, 102 ni. Bí ẹ kò bá sì rí P kankan níwájú àwọn QRS tí kò dọ́gba yìí, ẹ tètè pe dókítà, kí ẹ sì fi sitẹtosikóòpù ka ọkàn níbi àyà, torí pé gbogbo ìlù ọkàn irú èyí kọ́ ló ń dé ọrùn ọwọ́.

Kí ẹ má pè é ní ìlù tó péye nítorí pé ó dọ́gba nìkan. P gbọ́dọ̀ ṣáájú QRS kọ̀ọ̀kan, kó sì kọjú sókè nínú líìdì II.

Ọ̀rọ̀ ìhà tí iná ọkàn kọjú sí, ìyẹn áásísì, ló kù. Bí QRS inú líìdì I bá lọ sókè tí ti aVF sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ má sáré kọ “òsì”. Ẹ wo II. Bí I bá lọ sókè ní mílímítà 6, tí aVF sì lọ sísàlẹ̀ ní 2, II á ṣì wà lókè díẹ̀, ara rẹ̀ dá. Bí aVF bá lọ sísàlẹ̀ ní 5, II náà á sọ̀ kalẹ̀, ó ti kọjá -30 dígírì, òsì ni lóòótọ́.

Èyí tó burú jù ni “ọ̀tún”. QRS sọ̀ kalẹ̀ nínú I, aVF wà lókè, kíá, wọ́n ti kọ ọ́. Ẹ dúró ná. P ńkọ́ nínú I yẹn? T ńkọ́? Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dojú bolẹ̀, tí aVR tó yẹ kó kọjú sísàlẹ̀ wá gbójú sókè, wáyà ọwọ́ méjèèjì ni ẹ gbé fún ara wọn. I ń fi ọwọ́ òsì wé ọwọ́ ọ̀tún ni. Bí ẹ bá pààrọ̀ wọn, gbogbo ohun tó wà nínú I á dorí kodò, II á gba ipò III, aVR á gba ipò aVL, aVF kò ní yí padà. Ẹni tí áásísì rẹ̀ lọ sọ́tùn-ún lóòótọ́ sábà máa ń ní P tó kọjú sókè nínú I.

Ẹ wo àwọn líìdì àyà, V1 dé V6, pẹ̀lú. Bí R bá ń ga sí i bí ó ti yẹ, wáyà ni. Bó bá ń kéré sí i títí dé V6, ó lè jẹ́ pé ọ̀tún ni ọkàn ẹni náà wà, ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn.

Àwọ̀ wáyà ló ń fa púpọ̀ nínú wàhálà yìí. Lórí ẹ̀rọ kan, pupa ni ọwọ́ ọ̀tún, yẹ́lò ni ọwọ́ òsì, gíríìnì ni ẹsẹ̀ òsì, dúdú ni ẹsẹ̀ ọ̀tún. Lórí ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé ìlànà Amẹ́ríkà, funfun ni ọwọ́ ọ̀tún, dúdú ni ọwọ́ òsì, pupa ni ẹsẹ̀ òsì, gíríìnì ni ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹni tó há àwọ̀ sórí ní wọ́ọ̀dù kan á ṣi í lẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kejì. Lẹ́tà tó wà lára wáyà ni kí ẹ kà: R, L, F, N, tàbí RA, LA, LL, RL. Kí ẹ sì fi ọwọ́ tọ wáyà kọ̀ọ̀kan láti ara aláìsàn dé ìdí rẹ̀.

Bí II bá fẹ́ẹ̀ jẹ́ ìlà gbọọrọ lásán nígbà tí àwọn yòókù ń mì, ẹ má tíì pariwo pé ọkàn dúró. Ẹ wò ó bóyá wáyà ọwọ́ ọ̀tún ti bá ti ẹsẹ̀ ọ̀tún pààrọ̀ ipò.