Ajá tó ń họ ara títí ìdí fi pá: àwọn àṣìṣe tó ń jẹ yín lówó lórí iná ajá

Tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa l'Ékìtì, irú ajá kan náà ni wọ́n máa ń mú wá bá mi ní Adó. Irun ti re láti ìbàdí dé ìdí ìrù, abẹ́ itan ti pọ́n, awọ ibòmíràn ti dúdú, ó sì ti nípọn. Ajá náà kò ní lè jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ ó kàn rí i tó yí ọrùn padà, tó ń fi eyín iwájú gé ìdí ìrù rẹ̀ jẹ wọ́nrinwọ́nrin bí ẹni ń jẹ àgbàdo lórí ṣúkù. Ẹni tó ni ín á wá ní, "Dókítà, a ti náwó títí, ó ti sú wa." Òótọ́ ni, wọ́n ti náwó. Ibi tí wọ́n ná an sí ló ń bí mi nínú.

Iná ajá ló ń fà á. Kì í ṣe eégbọn ni mò ń sọ o. Eégbọn a máa lẹ̀ mọ́ ojú kan, a mu ẹ̀jẹ̀ títí a fi wú. Iná jẹ́ kòkòrò pupa rẹ́súrẹ́sú tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, kò ní ìyẹ́, ó ń sáré láàárín irun, ó sì ń fò. Itọ́ rẹ̀ ni ara àwọn ajá kan kò gbà. Ajá tí ara rẹ̀ gbà á lè gbé iná púpọ̀ kiri kó má ju pé ó họ etí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ara rẹ̀ kò gbà, tí ìwọ̀nba iná díẹ̀ bá bù ú jẹ, ó lè máa họ ara fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tí àwọn iná ọ̀hún ti kú.

1. "A ti wò ó, kò ní iná."

Ajá tí ìyún ń dà láàmú a máa fi eyín wá iná rí, a sì gbé e mì. Nítorí náà, ajá tí ọ̀ràn tirẹ̀ le jù lọ gan-an ni ẹ lè má rí iná kankan lára rẹ̀. Ìgbẹ́ iná ni kí ẹ wá. Ẹ ya irun ìbàdí rẹ̀ sí méjì níbi tí irun ṣì wà, ẹ fi kóòmù eléyín wẹ́wẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń ya iná orí ọmọdé, ya á kan awọ. Ẹ gbọn ohun tó bá jáde sórí tíṣù funfun tí ẹ ti fi omi rin. Tí èérí dúdú wínníwínní yẹn bá ń yọ àwọ̀ pupa bí ìpẹtà yí ara rẹ̀ ká, ẹ̀jẹ̀ ajá yín tí iná ti mu tó sì ti yàgbẹ́ rẹ̀ ni. Iyẹ̀pẹ̀ kì í yọ pupa bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo ìdí rẹ̀ àti orí ìgbẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá rí ohun funfun tó jọ hóró ìrẹsì, tó ń rìn, aràn tí ajá ń kó nípa gbígbé iná mì nìyẹn. Aràn ọ̀hún ní oògùn tirẹ̀.

2. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kẹrosíìnì, ọ̀tápìápìá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kankan sí i lára. Ọ́ìlì tó ti jóná a máa bó awọ tó ti ń ṣe egbò tẹ́lẹ̀, ajá á sì tún fi ahọ́n lá a. Ọ̀tápìápìá ń gba ojú awọ wọlé, ó sì ń pa ajá. Tí ẹnikẹ́ni bá ti fi í wẹ̀ ẹ́ ná, tí itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà, tí ara ń gbọ̀n, tí ó ń bì tí ó sì ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ fi omi púpọ̀ àti ọṣẹ ṣan án, kí ẹ sì máa gbé e bọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

3. Abẹ́rẹ́ àti ìwẹ̀ tí kò kan iná.

Èyí ló ń dùn mí jù, torí ibẹ̀ ni owó yín ń gbà lọ. Ọkùnrin kan á gun ọ̀kadà wá sílé, á yọ abẹ́rẹ́ áífámẹ́kítìnì, á gún ajá, á gba owó, á ní ẹ máa retí òun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí kò bá tán, wọ́n á ta ámítírásì fún yín pé kí ẹ fi wẹ̀ ẹ́. Oògùn gidi ni oògùn méjèèjì, wọ́n sì ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Áífámẹ́kítìnì wà fún aràn àti kòkòrò èkúrú, ìyẹn ìfọ́n ajá. Ámítírásì wà fún eégbọn àti kòkòrò ìfọ́n kan náà. Kò sí èyí tí ẹ lè fọkàn tẹ̀ nínú wọn láti pa iná. Ẹ lè gún ajá yín títí ọdún á fi yípo, iná á ṣì wà lára rẹ̀.

Èyí tó wá burú ni pé áífámẹ́kítìnì léwu fún àwọn ìran ajá òyìnbó kan, pàápàá kọ́lì àti àwọn tó bá a tan. Ó ń wọ inú ọpọlọ wọn, ó ń mú wọn ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó lè pa wọ́n. Ẹni tó ń gún un kiri láti ojúlé dé ojúlé kì í béèrè ìran tí ajá ti wá, kì í sì í gbé e sórí ìwọ̀n.

Ibi tí irun ti re gan-an máa ń sọ fún yín pé ìfọ́n kọ́ ni. Etí, ìgúnpá àti àyà ni ìfọ́n sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń ran èèyàn. Ti iná yìí, ìbàdí, ìdí ìrù, abẹ́ itan àti ikùn ni. Àmọ́ àmì lásán nìyẹn. Ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí a fi ń ha awọ àti awò amúǹkan-tóbi ló ń fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ó sì yẹ kí a ha á kí ẹnikẹ́ni tó fún ajá ní oògùn tó ń pa ìyún. Irú ìfọ́n kan wà tó jẹ́ pé oògùn ìyún yẹn a máa mú un gbilẹ̀ ni.

Ọ̀rá ìpara èèyàn tí ẹ ń rà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, ẹ gbé e sílẹ̀. Ajá á lá a.

Ìyàwó ilé kan wà ní Bàsírì tó mú Bìngò rẹ̀ wá. Wọ́n ti gún Bìngò lábẹ́rẹ́ léraléra, wọ́n ti fi ámítírásì wẹ̀ ẹ́, ìdí rẹ̀ ṣì pá gbáú, ó sì ti ń rùn, torí kòkòrò àrùn ti gba ojú egbò wọlé. A ha awọ rẹ̀, a ò rí ìfọ́n. A fi kóòmù ya á, tíṣù pọ́n. Ohun tí a ṣe fún un kò lọ́jú pọ̀: ọṣẹ ìwẹ̀ apakòkòrò àrùn, oògùn egbò tó gbọ́dọ̀ jẹ tán bí awọ tiẹ̀ ti ń gbẹ, prẹdinisólónì fún ìgbà díẹ̀ kí ìyún lè rọlẹ̀, àti oògùn tó ń pa iná gan-an, tí a fi ìwọ̀n ara rẹ̀ yàn. Mo sọ fún màmá pé prẹdinisólónì á mú un mu omi púpọ̀, á sì máa tọ̀ ṣáá, kí wọ́n má torí ẹ̀ já a lójijì.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Bìngò sùn dáadáa. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, màmá pe mí tìbínútìbínú: "Dókítà, oògùn yín ò ṣiṣẹ́. Mo rí iná méjì lára ẹ̀ láàárọ̀ yìí!"

Oògùn ń ṣiṣẹ́. Ibi tí púpọ̀ nínú yín ń ṣìnà sí nìyí, ibẹ̀ ni ẹ ti ń jù ú sílẹ̀, tí ẹ sì ń padà sọ́dọ̀ ọlọ́kadà. Iná tí ẹ ń rí lára ajá kéré sí èyí tó wà nílẹ̀. Abo kan lè yé ẹyin bí 40 lóòjọ́, ẹyin yẹn kì í sì í lẹ̀ mọ́ irun, ó ń já bọ́ síbi tí ajá bá sùn sí. Ó ń di ìdin, ìdin ń sá fún oòrùn lọ sínú iyanrìn tútù àti ihò sìmẹ́ǹtì, ó ń jẹ ìgbẹ́ iná àgbà, lẹ́yìn náà ó ń hun ilé bí òwú yí ara rẹ̀ ká. Nínú ilé òwú yẹn, oògùn fífín kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ó lè dúró síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, títí ìró ẹsẹ̀ tàbí ooru ara yóò fi jí i. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó dé láti Èkó wá ṣọdún nílé bàbá rẹ̀, nílé tí wọ́n ti tì pa tí ajá tàbí ológbò ti ń sùn sí tẹ́lẹ̀, fi ń ṣílẹ̀kùn tí iná á bò ó lẹ́sẹ̀.

Mo lọ bá màmá nílé. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni Bìngò ń sùn, lórí àpò ìrẹsì, iyanrìn sì wà níbẹ̀ tí oòrùn kì í dé. Ológbò aládùúgbò náà ń wá sùn síbẹ̀. A jó àpò náà, a kó iyanrìn ojú ibẹ̀ dà nù sínú oòrùn gangan, wọ́n ń gbálẹ̀ ibẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n sì fún un ní aṣọ àtijọ́ kan tí wọ́n ń fi omi tó tó 60°C fọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A fún ológbò náà ní oògùn tirẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì o: oògùn ajá tó bá ní pẹmẹ́tírìnì nínú lè pa ológbò, ẹ má pín in láàárín wọn. Iná tuntun ṣì ń jáde fún bí oṣù méjì, èyí tó bá fò lé Bìngò ń kú, kò sì sí èyí tó ń yé ẹyin dípò rẹ̀ mọ́. Irun hù padà díẹ̀díẹ̀, àfi ojú kan ní ìdí ìrù tí awọ ti nípọn jù.

Nítorí náà, oṣù mẹ́ta ó kéré tán ni ẹ ó fi lo oògùn iná láìfo ìgbà kankan, fún gbogbo ajá àti ológbò inú ọgbà. Tó bá jẹ́ èyí tí ń kán sára, irú èyí tó ní fíprónílì, ẹ ya irun láàárín èjìká títí ẹ ó fi rí awọ, ẹ kán an sójú awọ, kì í ṣe sórí irun. Ẹ má wẹ ajá ní ọjọ́ méjì ṣáájú àti ọjọ́ méjì lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ má pín oògùn ajá ńlá sí méjì fún ọmọ ajá. Tí ajá yín bá ti ní gìrì rí, ẹ sọ ọ́ kí a tó fún un ní tábúlẹ́ẹ̀tì iná, torí àwọn kan wà nínú wọn tó lè fa gìrì.

Tí ẹ bá ń bọ̀ wá rí dókítà ẹranko, ẹ má wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀rí ni ẹ ń fọ̀ dànù. Ẹ kó páálí gbogbo ohun tí ẹ ti lò dání, tó fi mọ́ èyí tí ojú ń tì yín láti fi hàn mí. Ẹ tètè wá tí awọ bá ń ṣọyún tàbí tó ń rùn. Ọmọ ajá tí iná pọ̀ lára rẹ̀, ẹ ṣí ètè rẹ̀ wò: tí èrìgì bá ti funfun, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń tán lọ, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e wá.