Áàpù wọlé lórí dátà, ó kọ̀ lórí Wáì-Fáì ọ́fíìsì: bí mo ṣe tọpasẹ̀ rẹ̀

Áàpù tí a fi ń tọrọ ìsinmi níbi iṣẹ́ wa ni kò jẹ́ kí n wọlé mọ́. Lórí Wáì-Fáì ọ́fíìsì, ojú ewé àkọ́kọ́ á ṣí, nítorí inú áàpù fúnra rẹ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fi ọ̀rọ̀ìgbaniwọlé sí i, kíá ló máa ní òun ò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo pa Wáì-Fáì, mo tan dátà, ó wọlé. Fóònù kan náà ni, ọ̀rọ̀ìgbaniwọlé kan náà ni. Nítorí náà, kò sóhun tó ṣe àkáǹtì mi, sáfà wọn sì ń ṣiṣẹ́. Àárín fóònù mi àti sáfà náà ni mo ní láti yẹ̀ wò.

Àwọn tó ṣe áàpù náà ti to orúkọ àwọn sáfà wọn sí ojú ewé ìrànlọ́wọ́. Èyí tó ń gba ọ̀rọ̀ìgbaniwọlé ni mo mú. `auth.example.com` ni màá máa pè é níbí. Mo so láàpútọ́ọ̀pù ọ́fíìsì, tó ń lo Línọ́ọ̀sì, mọ́ Wáì-Fáì yẹn, mo sì kọ́kọ́ bi DNS, tó ń sọ orúkọ sáfà di àdírẹ́sì:

```
nslookup auth.example.com
nslookup auth.example.com 1.1.1.1
```

Ti àkọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ DNS ọ́fíìsì, èkejì ń béèrè níta. Bí àdírẹ́sì méjèèjì ò bá jọra, kì í ṣe ẹ̀rí pé nǹkan bàjẹ́, torí sáfà ńláńlá máa ń ní àdírẹ́sì púpọ̀. Èyí tó yẹ kó fu èèyàn lára ni kí ti ọ́fíìsì mú `0.0.0.0` wá, tàbí `NXDOMAIN`, ìyẹn pé kò sí orúkọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ti ìta mú àdírẹ́sì gidi wá: DNS ọ́fíìsì ló dí orúkọ náà nìyẹn. Ìdáhùn kan náà ni méjèèjì fún mi.

Ó kan fáyàwọ́ọ̀lù, ẹ̀ṣọ́ tó ń pinnu ìsopọ̀ tó lè kọjá:

```
nc -vz auth.example.com 443
```

Ó sọ lójú ẹsẹ̀ pé òun ti so pọ̀ mọ́ 443, ẹnu ọ̀nà tí HTTPS ń gbà. Fáyàwọ́ọ̀lù tó bá ń dí ọ̀nà sábà máa ń dákẹ́ ni, áàpù á máa yí títí kó tó rẹ̀ ẹ́. Tèmi kì í pẹ́ kó tó kọ̀, nítorí náà ẹnì kan ń dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n `nc` kò lè sọ ẹni tó dáhùn, torí pírọ́sì, alágbàtà tó wà lójú ọ̀nà, lè dáhùn dípò sáfà. Ibẹ̀ ni mo ti wá lo èyí:

```
curl -v https://auth.example.com -o /dev/null
```

Nínú ohun tó tẹ̀ jáde, ìlà tó ní `issuer:` ni kẹ́ ẹ wá. Ó yẹ kí orúkọ iléeṣẹ́ tó fún sáfà ní ìwé ẹ̀rí, èyí tó ń fi hàn pé sáfà náà gan-an ni, wà níbẹ̀. Orúkọ ọ́fíìsì wa ni mo bá! Pírọ́sì ló ń tú ìsopọ̀ náà wò, bí ẹni tó tú lẹ́tà kà, tó wá fi òǹtẹ̀ tirẹ̀ lẹ̀ ẹ́ padà. Láàpútọ́ọ̀pù ò bá a jà, torí ọ́fíìsì ti fi ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ sínú rẹ̀. Fóònù mi kò mọ òǹtẹ̀ yẹn rí.

Ṣé kí n fi ìwé ẹ̀rí yẹn sórí fóònù ni? Kò ní tán an. Láti Android 7, tó jáde ní 2016, áàpù kì í gba ìwé ẹ̀rí tí onífóònù fọwọ́ ara rẹ̀ fi sí i, àfi bí ẹni tó ṣe áàpù bá fàyè gbà á. Bíráwúsà lè gbà á, kí áàpù ṣì kọ̀. Àwọn áàpù mìíràn tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé ẹ̀rí sáfà tiwọn nìkan ni wọ́n ń gbà. Lójú tèmi, áàpù náà kò ṣẹ̀: ọ̀rọ̀ìgbaniwọlé ló ń dáàbò bò.

Mo kọ̀wé sí ẹni tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí pírọ́sì máa tú `auth.example.com`, ẹ jẹ́ kó kọjá bó ṣe wà.” Mo fi ìlà `issuer:` yẹn àti aago tí áàpù kọ̀ há a. N kò ní kí wọ́n pa àyẹ̀wò pírọ́sì pátápátá. Orúkọ kan péré ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀. Áàpù gba ọ̀rọ̀ìgbaniwọlé, ó tún wá há síwájú díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wo àkọsílẹ̀ pírọ́sì ní aago yẹn, wọ́n rí i pé fóònù mi tún já ìsopọ̀ pẹ̀lú `token.example.com`, sáfà tó ń fúnni ní àṣẹ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ìgbaniwọlé bá ti tọ̀nà. Wọ́n yọ òun náà sílẹ̀, mo sì wọlé lórí Wáì-Fáì. Nígbà tí mo tún `curl` ṣe fún sáfà méjèèjì, orúkọ ọ́fíìsì wa kò sí nínú ìlà `issuer:` mọ́.