Bí Wọ́n Bá Pè Yín Pé Síìmù Yín Yóò Kú Lónìí

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ oníkòkó bá àwọn ará abúlé sọ ní ìpàdé, lójú ọ̀nà Ọ̀dà, Àkúrẹ́. A tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé kí ẹni tí kò lè wá náà lè rí i kà, tàbí kí ọmọ ilé kà á fún un.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ kú ìpàdé o. Mo mọ̀ pé kòkó wà nínú oòrùn ní ilé púpọ̀, ojú ọ̀run kò sì dára tó, nítorí náà n kò ní dá yín dúró pẹ́. Ọ̀rọ̀ síìmù ni mo bá wá, àti ọ̀rọ̀ àwọn gbájúẹ̀ tó ń fi síìmù jí owó wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ta àpò kòkó ní Ọjọ́bọ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ da kòkó tó kù nínú oòrùn, fóònù dún. Ọkùnrin kan ni, Yorùbá rẹ̀ já gaara, ó sì pe orúkọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìṣìṣe. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Láti kọ́sítọ́mà kíà ni mo ti ń pè yín. NIN yín kò wọlé dáadáa sára síìmù yín. Tó bá di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ òní, wọ́n á ti síìmù náà pa. Ṣùgbọ́n ẹ má dààmú, màmá, mo lè bá yín ṣe é báyìí."

Àyà wọn já. Ìdí tí àyà wọn fi já gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: wọn kò mọ ẹni tó ni síìmù ọwọ́ wọn. Ọmọkùnrin kan ló tà á fún wọn lẹ́nu ọ̀nà ọjà lọ́dún púpọ̀ sẹ́yìn, ó ní òun ti bá wọn forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ. Nígbà tí gbájúẹ̀ wá sọ pé ìforúkọsílẹ̀ náà kò dára, wọn kò ní ohun tí wọ́n lè fi jà á níyàn.

Ó béèrè báńkì wọn àti nọ́ńbà àkáǹtì, ó ní kí báńkì má baà já síìmù náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní òun máa fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́, kí wọ́n kà á fún òun. Nọ́ńbà náà sì wọlé lóòótọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ló wà nítòsí, òun ló ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sókè. Kò ka gẹ̀ẹ́sì tó wà lábẹ́ rẹ̀, tí báńkì fi kìlọ̀ pé kí wọ́n má sọ nọ́ńbà yìí fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó béèrè kẹ́yìn ni nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n máa ń tẹ̀ nídìí ẹ̀rọ POS, ó ní ìjọba ló fẹ́ fi mọ̀ pé àwọn gan-an ni. Wọ́n sọ ọ́. Fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra, wọ́n rò pé ìforúkọsílẹ̀ ló ń parí. Álááàtì ni. ₦150,000 lọ, ₦150,000 mìíràn tún lọ, lẹ́yìn náà ₦64,000. Owó kòkó ọdún kan.

Kí ni ọkùnrin yẹn ń ṣe?

Kì í ṣe oògùn, kò sì sí idán níbẹ̀. Ó ti gbé áàpù báńkì wọn sórí fóònù tirẹ̀, ó ń fi orúkọ wọn ṣí i. Báńkì fẹ́ mọ̀ bóyá oní-nǹkan ló ń ṣí i, ló bá fi kóòdù ránṣẹ́ sórí síìmù tí àkáǹtì náà wà lára rẹ̀. Kóòdù yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ìta. Nọ́ńbà mẹ́rin káàdì ni kọ́kọ́rọ́ yàrá. Àǹtí mi fi ẹnu ara wọn ka méjèèjì fún olè.

Orúkọ wọn tó mọ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ló máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú, wọ́n á ní, "Ó mọ orúkọ mi, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ará ọ́fíìsì." Ẹ gbọ́ o. Ọ̀pọ̀ àwọn ilé owó orí fóònù tí ọmọ wa ń bá wa ṣí, nọ́ńbà fóònù wa ni wọ́n sọ di nọ́ńbà àkáǹtì, wọ́n kàn yọ òdo iwájú kúrò. Ẹni tó bá ṣe bí ẹni fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yẹn, orúkọ yín á jáde kí ó tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó pe orúkọ yín kò tíì fi hàn pé òun mọ nǹkan kan nípa yín.

Irọ́ tó wà nínú "a ó ti síìmù yín pa"

NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iléeṣẹ́ fóònù, bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ síìmù ní ọdún 2011. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba pàṣẹ pé kí a so NIN mọ́ gbogbo síìmù. Wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú lọ́pọ̀ ìgbà, títí dé ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, tó jẹ́ gbèdéke ìkẹyìn. Síìmù tí kò ní NIN, wọ́n dí i.

Ẹ wá bá mi rò ó. Síìmù tó ṣì ń pe ènìyàn lónìí, NIN ẹnìkan ti wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun máa pa á ní aago márùn-ún torí NIN, irọ́ ló ń pa. Ohun tó yẹ kí a bi ara wa ni pé NIN ta ni? Bí ó bá jẹ́ NIN yín, kò sẹ́ni tó lè fi í dẹ́rù bà yín. Bí ó bá jẹ́ NIN ọmọkùnrin ọjà yẹn, wàhálà ń bẹ, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì la ti ń tún un ṣe. Ìforúkọsílẹ̀ gba ojú yín, ó gba ìka ọwọ́ yín. Ta ló lè ya fọ́tò ojú yín, kó tún gba ìka yín, lórí ìpè fóònù?

Bí a ṣe ń forúkọ síìmù sílẹ̀ lọ́nà tó tọ́

NIN ló ṣíwájú. Ọ́fíìsì NIMC tàbí àwọn tí NIMC fún láṣẹ ni wọ́n ti ń ṣe é, nọ́ńbà mọ́kànlá ni, ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ kò sì gbọ́dọ̀ san owó. Bí ẹ bá ti ní NIN ṣùgbọ́n tí ẹ gbàgbé nọ́ńbà rẹ̀, ẹ tẹ kóòdù yìí lórí síìmù tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ ní NIMC. Ó máa yọ owó díẹ̀ nínú káàdì ìpè yín:

```
*346#
```

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ tó ni síìmù náà ní Àkúrẹ́. Ẹ má fi rán ọmọ. Wọ́n á gba NIN, wọ́n á ya yín ní fọ́tò, ẹ ó sì tẹ ìka. Ẹ wo orúkọ tó jáde lójú ẹ̀rọ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹni tí kò lè kàwé, kí ó mú ọmọ rẹ̀ tó lè kà dání.

Ọ̀rọ̀ ìka yìí ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń jẹ wá. Àwọn tó ń ta síìmù lábẹ́ agboòrùn kan wà tí wọ́n á ní, "Nẹ́tíwọọ̀kì kò dáa, màmá, ẹ tún tẹ àtàǹpàkò." Ẹ tún tẹ̀ ẹ́. "Kò gbà, ẹ tún tẹ̀ ẹ́." Nígbà mìíràn nẹ́tíwọọ̀kì kò dáa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn síìmù kejì àti ìkẹta ni ó ń fi NIN yín ṣí, tí yóò tà fún ẹni tí kò fẹ́ kí a mọ òun. Bí onítọ̀hún bá fi síìmù yẹn lu jìbìtì, orúkọ yín ni ọlọ́pàá máa bá nídìí rẹ̀. Nítorí náà, tí ó bá ní kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ẹ ní kí ó yí ẹ̀rọ náà sí yín, kí ẹ rí ohun tó kọ. Bí kò bá yí i, ẹ dìde. Bí irú èyí bá ti ṣe yín rí, ẹ béèrè ní ọ́fíìsì iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pé síìmù mélòó ló wà lórí NIN yín, kí wọ́n sì yọ èyí tí ẹ kò mọ̀ kúrò.

Láti mọ̀ bóyá NIN ti wà lára síìmù ọwọ́ yín, kóòdù kan náà ni gbogbo iléeṣẹ́ ń lò:

```
*996#
```

Ẹ fúnra yín ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá pè yín pé kí ẹ tẹ kóòdù kan tí òun ń kà fún yín, ẹ já ìpè náà.

Ẹ má sì jẹ́ kí síìmù tí báńkì mọ̀ sùn sínú àpótí. Bí kò bá pe ènìyàn, tí kò ṣe ohunkóhun tó ń mówó wọlé fún iléeṣẹ́ náà fún ọgọ́sàn-án ọjọ́, wọ́n lè dí i. Bí ó bá tún tó ọgọ́sàn-án ọjọ́ mìíràn, wọ́n lè ta nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn, kóòdù báńkì yín á sì máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ nọ́ńbà, báńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀

Owó orí fóònù ń yára rìn. Ti àǹtí mi kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó lọ. Ẹ má kọ́kọ́ sunkún, ẹ má kọ́kọ́ pe ọmọ tó wà ní Èkó. Báńkì ni kí ẹ pè kí wọ́n dí àkáǹtì náà, kí wọ́n sì kọ̀wé sí báńkì tí owó náà bọ́ sí kí wọ́n di ohun tó bá ṣẹ́kù níbẹ̀ mú. Ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀pọ̀ báńkì ní kóòdù tí a lè fi dí àkáǹtì láti orí fóònù ẹlòmíràn. Ẹ béèrè tiyín nígbà tí ẹ bá tún dé báńkì, kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà. Bí iléeṣẹ́ fóònù bá kọ̀ láti dá yín lóhùn lórí ọ̀rọ̀ síìmù, ẹ pe NCC ní 622, kò gba owó.

₦64,000 ìkẹyìn yẹn, báńkì rí i dì mú, torí a tètè pè. ₦300,000 tó kù ti bọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, èmi àti akápò ń lọ sí Àkúrẹ́. Ẹni tó bá tẹ *996# tí kò rí NIN tirẹ̀ lára síìmù rẹ̀, tàbí tí kò mọ ẹni tó forúkọ síìmù náà sílẹ̀, kí ó bá wa lọ. Kí ó mú fóònù náà dání, kí ó mú ìwé NIN dání. Iwájú gbọ̀ngàn yìí la ó ti pàdé, aago méje àárọ̀. Àǹtí mi ló kọ́kọ́ kọ orúkọ sílẹ̀. Ìwé náà wà lọ́wọ́ akápò níbí, ẹ wá kọ tiyín.