Ìṣirò iṣẹ́ àti ọjọ́: ibi tí ẹ ti ń fi máàkì ṣòfò

Àwọn tó ń múra ìdánwò Jámbù ní Ilé-Ifẹ̀ yìí ń bí mi nínú. Kì í ṣe pé wọn ò gbọ́n o. Wọ́n á lọ ra ìwé pélébé tí wọ́n to fọ́múlà sí, wọ́n á há gbogbo rẹ̀ sórí, wọ́n á tún san owó lẹ́sìn lé e. Síbẹ̀, ìṣirò kan ṣoṣo tí òṣìṣẹ́ kan ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín á gbé wọn ṣubú. Bí gbogbo òṣìṣẹ́ bá jọ bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì jọ parí, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ìgbà tí ọ̀kan bá pẹ́ dé tí òmíràn sì tètè lọ ni wàhálà ń dé.

Ẹ wo èyí. Ọ̀gá bíríkìlà kan ní Iléṣà lè rẹ́ ilé kan tán ní ọjọ́ 10 bó bá jẹ́ òun nìkan. Igbákejì rẹ̀ á lo ọjọ́ 15, ọmọṣẹ́ á lo 30. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 4, ọ̀gá gba iṣẹ́ mìíràn, ó bá tiẹ̀ lọ (ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́lé rí, ẹ mọ̀ pé mi ò parọ́). Igbákejì náà kúrò nígbà tó ku ọjọ́ 3 kí iṣẹ́ parí. Ọmọṣẹ́ ló wà níbẹ̀ títí tó fi parí. Ọjọ́ mélòó ni gbogbo iṣẹ́ náà gbà?

1. Ẹ má ro ọjọ́ wọn pọ̀. 10 + 15 + 30 jẹ́ 55; ta ló ń pe ẹni mẹ́ta sí iṣẹ́ kó lè pẹ́ ju ti ẹnì kan lọ?

2. Ẹ má gbé fọ́múlà inú ìwé pélébé wá síbí. Èyí tí wọ́n fi ń sọ ọjọ́ ẹni méjì di púpọ̀ lára wọn, tí wọ́n á wá fi àròpọ̀ ọjọ́ náà pín in, àwọn méjì tó jọ bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì jọ parí nìkan ló wà fún. Bí ẹnì kan bá ti fẹsẹ̀ fẹ́ẹ, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ òòjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ wá. Nọ́ńbà tó kéré jù tí a lè fi 10, 15 àti 30 pín láìṣẹ́ kù ni 30, nítorí náà ẹ ka ilé yẹn sí ìpín 30. Ọ̀gá ń ṣe ìpín 3 lójúmọ́, igbákejì ń ṣe 2, ọmọṣẹ́ ń ṣe 1. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 6 lójúmọ́, ìyẹn ni pé bí ẹnikẹ́ni ò bá kúrò, ọjọ́ 5 péré ni. Ẹ tọ́jú 5 yẹn. Nígbà tí àwọn kan ti lọ, ìdáhùn yín gbọ́dọ̀ jù ú lọ.

(Ọmọ kan ní kíláàsì mi ní ọmọṣẹ́ á máa sùn ni bí ọ̀gá bá ti lọ. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n nínú ìṣirò yìí, ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe lójúmọ́ kì í yí padà, ọ̀gá ì báà wà, kó má wà.)

3. Èyí ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. "Lẹ́yìn ọjọ́ 3" àti "nígbà tó ku ọjọ́ 3" kì í ṣe nǹkan kan náà! Wọ́n á ka ìbéèrè gààràgà, wọ́n á rí 3, wọ́n á sì kọ ọ́ pé igbákejì ṣiṣẹ́ ọjọ́ 3. Ọ̀gá ṣe 12, igbákejì ṣe 6, ó ku 12, ọmọṣẹ́ á fi ọjọ́ 12 ṣe é. Ọmọkùnrin kan ṣe é báyìí lójú mi, ó rí 12 láàárín àwọn ìdáhùn tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó lu tábìlì: "Tíṣà, ó wà níbẹ̀!" Ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Nítorí tìrẹ ni ẹni tó ṣe ìbéèrè ṣe fi í síbẹ̀. Mo pariwo lọ́jọ́ náà débi pé ìyá tó ń ta ẹ̀wà nísàlẹ̀ ilé wa rán ọmọ wá wò bóyá olè ló wọlé.

Gbogbo ẹni tí wọ́n bá fi òpin iṣẹ́ wọn ọjọ́ rẹ̀, àpapọ̀ ọjọ́ ni kẹ́ ẹ ti yọ ọ́. Ẹ pe àpapọ̀ ọjọ́ ní T. Ọ̀gá ṣe ọjọ́ 4, igbákejì ṣe T − 3, ọmọṣẹ́ ṣe T:

```
3×4 + 2×(T − 3) + 1×T = 30
12 + 2T − 6 + T = 30
3T = 24
T = 8
```

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀gá ṣe ọjọ́ 4, ó jẹ́ ìpín 12. Igbákejì ṣe ọjọ́ 5, ó jẹ́ 10. Ọmọṣẹ́ ṣe 8. Àròpọ̀ jẹ́ 30, ilé ti tán. Ẹ wá fi 12 ọmọ tó lu tábìlì ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀kan sí i: bí igbákejì bá lọ lẹ́yìn ọjọ́ 3 nínú ọjọ́ 12, ọjọ́ 9 ló ṣẹ́ kù, ìbéèrè sì ní 3. Ìdáhùn yẹn ń bá ìbéèrè jà. Àyẹ̀wò yìí ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe é.

Ẹni tí T bá ń dẹ́rù bà, ẹ ṣe bí ẹni pé igbákejì ò kúrò rárá. Ọjọ́ 3 tí ẹ fi kún un yẹn á mú ìpín 6 wá, nítorí náà ẹ fi 6 kún 30, ó di 36. Ẹ yọ 12 ti ọ̀gá kúrò, ó ku 24. Igbákejì àti ọmọṣẹ́ ń ṣe 3 lójúmọ́, ó sì di ọjọ́ 8.

Ti owó náà ń kọ́? Ká ní ₦90,000 ni wọ́n gbà, wọ́n sì ní kẹ́ ẹ pín in bí iṣẹ́ tí kálukú ṣe ṣe pọ̀ tó. Ọjọ́ kọ́ lẹ máa fi pín in. Bí ẹ bá fi ọjọ́ pín in, ọmọṣẹ́ ló máa gbà jù, ọ̀gá á sì wá sílé yín lálẹ́. Ìpín 12, 10 àti 8 ni: ọ̀gá ₦36,000, igbákejì ₦30,000, ọmọṣẹ́ ₦24,000. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó kàn pín in dọ́gba sí mẹ́ta á rí ₦30,000 fún igbákejì. Bó bá jẹ́ òun nìkan ni wọ́n béèrè, á gbà á, á sì máa rò pé òun mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó pẹ́ dé ló kù. Ọmọṣẹ́ nìkan ló bẹ̀rẹ̀, igbákejì dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ọ̀gá sì dé nígbà tó ku ọjọ́ 3. Ọ̀pọ̀ á yọ 4 fún igbákejì, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 3 péré ló ti kọjá kó tó dé. Mo mọ ibi tó ti wá: ọjà ọrọọrún là ń kà bẹ́ẹ̀, a máa ń ka ọjọ́ ọjà òní mọ́ ọn, a sì ń pe ọjọ́ mẹ́rin ní márùn-ún. Ìyẹn dára lọ́jà. Níbí, T − 3 ni:

```
T + 2×(T − 3) + 3×3 = 30
3T = 27
T = 9
```

Ẹni tó bá yọ 4 á bá ara rẹ̀ ní ọjọ́ 9⅔. Bí ìbéèrè bá sọ pé òwúrọ̀ ni kálukú dé, tí ìdáhùn yín sì ní ìdá nínú, ẹ padà lọ wo ohun tí ẹ yọ kẹ́ ẹ tó dá fọ́múlà lẹ́bi.