Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń kọ ìròyìn ọ́dítọ̀ ní Yorùbá

Ní ọ̀pọ̀ ìpàdé ọdọọdún àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Iléṣà, akọ̀wé ló máa ń sọ ìròyìn ọ́dítọ̀ di Yorùbá kó tó kà á sétí àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí ọ́dítọ̀ fọwọ́ sí lè má ní àléébù kankan, kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí akọ̀wé ṣì lò mú káwọn èèyàn rò pé wọ́n ti kó owó jẹ, tàbí pé ẹgbẹ́ ti wó.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wo ọ̀rọ̀ náà. Ẹgbẹ́ kan ra ẹ̀rọ tó ń fún àdín láti ara èkùrọ́ ní ₦12,000,000, wọ́n sì ní ọdún 10 ni àwọn máa fi lò ó. Lọ́dọọdún, wọ́n ń yọ ₦1,200,000 kúrò nínú iye rẹ̀ nítorí lílò. Lẹ́yìn ọdún 4, iye tó kù fún un nínú ìwé jẹ́ ₦7,200,000. Lọ́dún yẹn ni ilé iṣẹ́ ọṣẹ tó ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú àdín wọn ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n oníbàárà tó ń mú kó pé wọn ti lọ.

Ohun tí àwọn oníṣirò owó ń pè ní ìmpíámẹ́ǹtì nìyẹn, IAS 36, ìlànà ìṣirò owó àgbáyé kan, ló sì ń darí rẹ̀. Ẹ má kọ “ìbàjẹ́ ẹ̀rọ” síbẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá gbọ́ ọ, tó lọ wo ẹ̀rọ, tó bá a tó ń fún àdín, á ní irọ́ ni ìgbìmọ̀ ń pa. Ẹ má sì kọ “ìdínkù iye” lásán, nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti mọ̀ fún ₦1,200,000 tí à ń yọ lọ́dọọdún nìyẹn. Èyí tó ń lọ lọ́dọọdún ti ní ètò láti ọjọ́ tí a ti ra ẹ̀rọ, èyí tí à ń sọ yìí kò sí nínú ètò. “Ìrẹ̀wálẹ̀ iye dúkìá” ni èmi máa ń lò, mo sì máa ń fi gbólóhùn kan ṣàlàyé rẹ̀ níbi tó bá ti kọ́kọ́ fara hàn: iye tí ẹgbẹ́ lè rí lára dúkìá náà ti kéré sí iye tó wà nínú ìwé.

Bí a bá ṣe ń sọ “iye tí a lè rí” yẹn ló léwu jù. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ ọ́ bí “iye tí a lè tà á”, tí wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ẹgbẹ́ lè gbà jèrè lára ẹ̀rọ: kí wọ́n tà á, tàbí kí wọ́n máa lò ó. Ká ní ẹni tó fẹ́ rà á máa san ₦4,000,000, tí títú u àti ìnáwó títà máa gba ₦300,000, ₦3,700,000 ló kù. Ní ti lílò, ẹ ó ṣírò owó tó máa mú wọlé fún ọdún 6 tó kù, ẹ ó yọ ìnáwó tó ń lọ sórí rẹ̀, ẹ ó sì dín in kù sí ohun tó jẹ́ lónìí, torí pé náírà tó ń bọ̀ lọ́dún kẹfà kò tó èyí tó wà lọ́wọ́. Ká ní ó jẹ́ ₦4,800,000. Èyí tó ga jù nínú méjèèjì ni òfin ní ká mú. Ìrẹ̀wálẹ̀ wá jẹ́ ₦2,400,000. Ẹni tó bá gbára lé iye títà nìkan máa kéde ₦3,500,000, ó sì ti fi ₦1,100,000 tí kò ṣẹlẹ̀ kún àdánù.

Àṣìṣe kékeré mìíràn wà nínú “a”. Tí ìròyìn bá ní “a ti yọ ₦2,400,000”, ta ni “a” yẹn? Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ló ni ìwé ìṣirò, ọ́dítọ̀ kàn yẹ̀ ẹ́ wò ni. Báyìí ni mo máa kọ ọ́:

“Iye ẹ̀rọ àdín nínú ìwé jẹ́ ₦7,200,000. Iye tó ga jù tí ẹgbẹ́ lè rí lára rẹ̀, yálà nípa títà tàbí nípa lílò, jẹ́ ₦4,800,000. Ẹgbẹ́ ti ka ìyàtọ̀ tó jẹ́ ₦2,400,000 sí àdánù ọdún yìí. Kò sí owó kankan tó jáde lọ́wọ́ ẹgbẹ́ nítorí rẹ̀.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn kúrò níbi tí ẹ bá ti ń ṣàlàyé fún ìpàdé. Òun ló ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kò sẹ́ni tó jí owó. Ẹ má sì sọ pé iye náà “ti lọ pátápátá”. Bí oníbàárà mìíràn bá dé, ẹgbẹ́ lè dá lára rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ kọjá iye tí ẹ̀rọ ìbá ní nínú ìwé ká ní ìrẹ̀wálẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rárá.

Gbèsè tó wà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ ní òfin tirẹ̀, IFRS 9. Ohun tí ẹgbẹ́ ń kọ síbẹ̀ ni iye tí wọ́n rò pé wọn kò ní rí gbà. Bí akọ̀wé bá túmọ̀ rẹ̀ sí “a ti pa gbèsè rẹ́”, onígbèsè á lọ sinmi. Ọmọ òṣómàáló kò gbọ́dọ̀ gba irú àṣìṣe yẹn láyè. Ẹ kọ “àdánù tí a ń retí lórí gbèsè”, kí ẹ sì fi kún un pé gbogbo onígbèsè ṣì jẹ gbèsè rẹ̀ ní kíkún.

Ó wá ku góìn kọ́ńsáànù. “Ilé iṣẹ́ tó ń lọ dáadáa” ni wọ́n sábà máa ń pè é, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń pàdánù lè wà lórí ìpìlẹ̀ yìí. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé a ṣe ìwé ìṣirò lórí ìpìlẹ̀ pé iṣẹ́ á máa bá a lọ, pé ìgbìmọ̀ kò ní i lọ́kàn láti tú ẹgbẹ́ ká, tí kò sì sí ohun tó fi títúká ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù. Ó kéré tán, oṣù 12 lẹ́yìn òpin ọdún ìṣirò ni ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ wò síwájú. Kì í ṣe ẹ̀jẹ́ pé ẹgbẹ́ kò ní wó.

Ká ní ẹgbẹ́ wa jẹ báǹkì ní ₦9,000,000 tó máa pé ní oṣù kẹjọ, kò ní in, báǹkì kò sì tíì gbà láti sún un síwájú. ISA 570, ìlànà àgbáyé fún àwọn ọ́dítọ̀, ní kí ọ́dítọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí sí abẹ́ àkọlé tirẹ̀: “Àìdánilójú tó ṣe pàtàkì nípa bíbá iṣẹ́ lọ”. Nínú rẹ̀, ẹ ṣọ́ “lè”. Ọ̀rọ̀ báǹkì “lè mú iyèméjì ńlá wá nípa agbára ẹgbẹ́ láti máa bá iṣẹ́ lọ”. Tí ẹ bá yọ “lè”, ẹ ti kéde ikú ẹgbẹ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó wọn jáde.

Ẹ sá fún “àyàfi” níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ìgbìmọ̀ bá ti ṣàlàyé gbèsè náà tó nínú ìwé ìṣirò, èrò ọ́dítọ̀ ṣì mọ́ láìní àbùkù. “Ìwé yìí tọ́, àyàfi ọ̀rọ̀ báǹkì” jẹ́ èrò mìíràn pátápátá, èyí tó yẹ nígbà tí àlàyé kò bá tó. Ẹ kọ “ọ̀rọ̀ yìí kò yọ nǹkan kan kúrò nínú èrò wa”.

Ṣùgbọ́n bí ìgbìmọ̀ bá ti pinnu láti ta gbogbo dúkìá kí wọ́n sì pín in, gbogbo gbólóhùn yìí kò wúlò mọ́. Ìwé tí wọ́n bá ṣì ṣe lórí ìpìlẹ̀ pé iṣẹ́ á máa lọ kò bá òótọ́ mu, ohun tí ọ́dítọ̀ sì gbọ́dọ̀ kọ gbangba ni pé ìwé ìṣirò náà kò fi ipò ẹgbẹ́ hàn bó ṣe rí.